Àtẹ Inú Ìwé fún Àtẹ Ọjà

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, tí a ti ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré pé ọ̀nà wo ni ènìyàn lè gbà mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó tún ọjà rà, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí oníbàárà bá dúró níwájú rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ó béèrè ti tán. A rò ó pé dípò kí a máa sọ ọ̀rọ̀ lọ gbọọrọ, kí a mú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí a fi ojú ara wa rí, kí a sì sọ ohun tí a bá níbẹ̀ àti ohun tí a ṣe sí i.

Aládùúgbò wa ni ìyá tí ó ni ín, ní ìlú Ọ̀yọ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì, inú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni wọ́n ti mú èyí tí wọ́n fi kún ọjà inú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì sí òmíràn tí ó tún ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún méjì kọjá kí ìyá náà tó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “ọjà kún inú ṣọ́ọ̀bù mi dé àjà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè gan-an ni kì í sí níbẹ̀. Bí mo bá ti sọ fún ọmọ kan pé mílíìkì tán, yóò sọdá sí òdìkejì títì. Bí ó bá sì ti ra mílíìkì lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni yóò ti ra ṣúgà àti búrẹ́dì. Ọ̀la, kò tilẹ̀ ní yà sí ọ̀dọ̀ mi mọ́.”

A bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Òótọ́ ni ó sọ: lórí pẹpẹ rẹ̀, tòmátò alágolo tò lọ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ṣe ìtò òwúrọ̀, ṣùgbọ́n àyè mílíìkì ṣófo. A béèrè ìwé rẹ̀. Ó gbé ìwé kékeré kan jáde tí ó ń kọ owó tí ó wọlé lójoojúmọ́ sí, èyí tí ó dára. Ṣùgbọ́n owó nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí iye ọjà. Bí ó bá ti rí i pé nǹkan kan “ti ń lọ sílẹ̀”, nígbà náà ni ó ń pe ẹni tí ó ń tà á fún un. Bákan náà ni ó ń ṣe sí gbogbo ọjà, ìbáà jẹ́ èyí tí ń dé ní ọjọ́ kejì, ìbáà jẹ́ èyí tí ń pẹ́ lọ́nà. Níbẹ̀ ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí ó yẹ kí ó kù nílẹ̀ kí a tó tún rà kò sí lọ́wọ́ ọjà náà nìkan. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí a ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

A fa ìlà sí ojú ewé tuntun kan. Àtẹ ni Yorùbá ń pe ohun tí a pa ọjà lé, àtẹ náà sì ni a ń pe ìlà òun òpó tí a kọ iye sí. Inú wa dùn pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, nítorí ó yẹ kí ohun tí ó wà lórí èkínní bá ohun tí ó wà nínú èkejì mu. A kọ orúkọ ọjà sí òpó àkọ́kọ́. A fi iye tí ó wà nílẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye tí a ti béèrè tí kò ì tí ì dé, iye tí ó ń tà lójúmọ́, iye ọjọ́ tí a ń dúró kí ọjà tó dé, àfipamọ́, àmì ìtúnrà, àti olùpèsè. Àmì ìtúnrà ni iye tí ó jẹ́ pé bí ọjà bá ti sọ̀ dé ibẹ̀, a kò gbọdọ̀ sùn kí a tó béèrè òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a mú mílíìkì. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a mọ ohun tí a ń kà. Páálí ni ìyá yìí fi ń rà á, agolo ni ó fi ń tà á, agolo 48 ni ó sì wà nínú páálí kan. Bí ó bá kọ “2” sílẹ̀, ṣé páálí méjì ni tàbí agolo méjì? A fi ẹnu kò pé ohun tí a fi ń tà ni a óò máa kọ ní gbogbo òpó, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. A sì kọ ọ̀rọ̀ náà “agolo” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mílíìkì kí ọmọ rẹ̀ tí ó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù má baà ṣi í kà.

Lẹ́yìn èyí, mélòó ni ó ń tà lójúmọ́? A ní kí ó máa fa igi kékeré kan sínú ìwé fún agolo kọ̀ọ̀kan tí ó bá tà, fún ọjọ́ 14. Nígbà tí a padà dé, igi náà jẹ́ 60. Ó pín in sí 14, ó ní agolo mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wo ojú ewé náà dáadáa, ọjọ́ mẹ́rin wà tí kò sí igi kankan rárá. A béèrè ìdí. “Kò sí mílíìkì nílẹ̀ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn,” ni ó wí. Ẹ kíyè sí èyí, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ọjọ́ tí ọjà kò sí kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ìwé yóò sọ pé ọjà náà kò tà tó bẹ́ẹ̀, a ó ra díẹ̀, yóò tún tán, ìwé yóò sì tún sọ pé kò tà. Ọjọ́ 10 ni mílíìkì wà nílẹ̀. 60 tí a pín sí 10 jẹ́ agolo 6 lójúmọ́. Èyí ni a kọ.

Ó kan ọjọ́ ìdúró. Oníṣòwò tí ń kó mílíìkì fún un láti Ìbàdàn ti sọ fún un pé ọjọ́ méjì ni ọjà ń gbà. A kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ àtẹ. A wo ọjọ́ tí ó pè é àti ọjọ́ tí ó wà lórí rìsíìtì ìgbà márùn-ún tí ọjà dé kẹ́yìn: ọjọ́ 2, 3, 2, 5, àti 3. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 15. Èyí fi hàn pé ọjọ́ 3 ni ó ń gbà lápapọ̀, àti pé ó ti pẹ́ tó ọjọ́ 5 rí. Bí a bá ń ta agolo 6 lójúmọ́ tí a sì ń dúró fún ọjọ́ 3, agolo 18 ni yóò tà kí èyí tí a béèrè tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé 18 nìkan ni a fi ṣe àmì, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá pẹ́ ni pẹpẹ yóò ṣófo. Nítorí náà ni a ṣe ń ní àfipamọ́. A fi ọjọ́ méjì tí ọkọ̀ ti fi pẹ́ ju ìṣe rẹ̀ lọ rí ṣe òṣùwọ̀n, 6 lọ́nà 2, ó di 12. 18 àti 12 jẹ́ 30. Àmì ìtúnrà mílíìkì nìyẹn.

Àwọn mìíràn a máa ṣe é lọ́nà tí ó le ju èyí lọ: wọn a mú ọjọ́ tí ọjà tà jù lọ, wọn a sì fi ìgbà tí ó pẹ́ jù lọ ṣe ìlọ́po rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí ìyẹn ìbá jẹ́ agolo 9 lọ́nà ọjọ́ 5, tí í ṣe 45. Ẹni tí ó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ kì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òfo láé, ṣùgbọ́n owó tí ó lé ní ìdajì páálí kan yóò máa sùn lórí pẹpẹ nígbà gbogbo. Ìyá yìí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti sùn. A gbà pé 30 tọ́ fún un.

Epo pupa ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Ìgò ni ó fi ń tà á, ìgò 33 ni ó sì ń rí nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan. Alájàpá kan ni ó ń gbé e wá láti ọjà oko kan tí wọ́n ń ná ní ìsán ìsán. Ní ọjọ́ ọjà ni alájàpá ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì rán an lónìí, ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni yóò gbé e dé. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti bá a sọ̀rọ̀ láàárín, nítorí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní abúlé rẹ̀.

Ìyá náà ti gbìyànjú láti ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí a tó dé. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìsán, ìgò 4 ni òun ń tà lójúmọ́, nítorí náà àmì òun jẹ́ 36. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa dáadáa ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀: ọjọ́ ọjà tòní ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, a sì tún ń ka ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ mọ́ ọn. Mẹ́sàn-án ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọjọ́ 8 ni títà tí ó wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Bákan náà ni ọrún, tí í ṣe ọjọ́ 4, àti ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ 16. Bí ìgò 32 bá tà láti ọjà dé ọjà tí a sì pín in sí 9, kò ní pé 4, àtẹ yóò sì rò pé ọjà náà kò yá tó bí ó ti yá.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó tóbi kò sí nínú ọjọ́ kan yẹn. Ẹ wò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ ọjà kan, ìgò 44 wà nílẹ̀. 44 ju 36 lọ, nítorí náà kò rán alájàpá. Nígbà tí ọjọ́ ọjà mìíràn pé, ó ti ta 32, ó ku 12. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ́ẹ̀gì rán an. Ìgò 12 náà tà fún ọjọ́ 3, ó sì wà láìní epo fún ọjọ́ 5 kí alájàpá tó dé. Òun a máa sọ pé alájàpá ni kò ṣe dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀bi alájàpá. Ọjọ́ rẹ̀ gan-an ni ó dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé kò lè béèrè epo ní ọjọ́ tí ó wù ú. Mílíìkì, bí ó bá sọ̀ dé àmì ní ọjọ́ Wẹ́sídeè, ní ọjọ́ Wẹ́sídeè náà ni yóò pe Ìbàdàn. Epo kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí alájàpá lọ lónìí láìrán an, ọjọ́ 8 ni kí ó tó tún rí i, ọjọ́ 8 mìíràn sì ni kí epo tó dé. Nítorí náà ohun tí ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ní ọjọ́ ọjà ni pé, “Ṣé ohun tí mo ní yóò gbé mi fún ọjọ́ 16?” 4 lọ́nà 16 jẹ́ 64, a fi ìgò 8 ṣe àfipamọ́ nítorí ọ̀nà oko nígbà òjò, ó di 72.

Nígbà tí a kọ 72 sílẹ̀, ìyá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé kí n sá máa gba kẹ́ẹ̀gì kan ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni ẹ ń sọ?” Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìgò 32 ń tà, kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ 33. Bí ó bá ti fi kẹ́ẹ̀gì rán an ní ọjọ́ tí ìgò 44 wà nílẹ̀ yẹn, ìgò 12 ni ìbá kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí òmíràn dé, kò sì ní sí ọjọ́ òfo kan.

Báyìí ni àtẹ náà rí ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kọ ọ́ pé:

| Ọjà | Nílẹ̀ | Tí a ti béèrè | Lójúmọ́ | Ọjọ́ ìdúró | Àfipamọ́ | Àmì ìtúnrà | Olùpèsè |
|---|---|---|---|---|---|---|---|
| Mílíìkì (agolo) | 28 | 0 | 6 | 3 | 12 | 30 | Oníṣòwò Ìbàdàn |
| Epo pupa (ìgò) | 44 | 0 | 4 | 16 | 8 | 72 | Alájàpá, ọjọ́ ọjà nìkan |
| Tòmátò (agolo) | 96 | 0 | 1 | 3 | 2 | 5 | Oníṣòwò Ìbàdàn |

Ẹ wo ìlà kẹta. Agolo 5 ni àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n 96 ni ó wà nílẹ̀, èyí tí yóò tà fún oṣù mẹ́ta ó lé díẹ̀. A bi í léèrè bí ó ti ṣe rà á tó bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà kan tí mílíìkì wọ́n, oníṣòwò náà kọ̀ láti ta mílíìkì fún òun àfi bí òun bá kó páálí tòmátò méjì mọ́ ọn. Àwọn àgbà tí ó ṣòwò nígbà ogun 1939 sí 1945 mọ irú títà bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó mú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wá nígbà náà láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ilé òwò ńlá. A ní kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olùpèsè yẹn, kí ó sì kọ nọ́ńbà fóònù olùpèsè kejì sí abẹ́ rẹ̀, bí ti èkejì yìí bá tilẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n jù ú lọ. Ẹni tí ó ní orúkọ kan ṣoṣo ní òpó yẹn kò ní ẹnu láti fi nájà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbé àtẹ náà sí orí fóònù ní ọjọ́ kejì, kí ẹ̀rọ lè máa ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ka òpó láti A, tí orúkọ ọjà wà ní A tí olùpèsè sì wà ní H, ohun tí a kọ sí G nìyí, àti èyí tí a kọ sí òpó tuntun, I, tí yóò máa sọ ohun tí ó kàn:

```
G2:  =D2*E2+F2
I2:  =IF(B2+C2<=G2,"RÀ","DÚRÓ")
```

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà kò fi C2 sí i. Mílíìkì kù 28, àtẹ wí pé “RÀ”, ìyá pe Ìbàdàn ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ó ku 22, àtẹ ṣì ń wí pé “RÀ”, ọmọ náà tún pe Ìbàdàn, kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti pè. Páálí méjì ni ó dé. Iye tí a ti béèrè gbọ́dọ̀ darapọ̀ mọ́ iye tí ó wà nílẹ̀ kí a tó fi wé àmì. Bí ọjà bá sì ti dé, kí a yọ ọ́ kúrò ní òpó C ní wákàtí kan náà tí a fi í kún B. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò ka páálí kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Ford Harris, tí ó tẹ ìṣirò kan jáde ní ọdún 1913 nípa iye tí ó yẹ kí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí owó ìmúra iṣẹ́ sílẹ̀ àti owó tí ń sùn lórí ọjà lè bá ara wọn dọ́gba. Ìṣirò dáradára ni, ṣùgbọ́n a kò nílò rẹ̀ níhìn-ín. Páálí àti kẹ́ẹ̀gì ti dá iye náà fún wa.

Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ òpó B. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ìwé wí pé mílíìkì jẹ́ 31. A ka pẹpẹ, ó jẹ́ 26. Agolo 5 ti sọnù, ìwé sì ń wí pé “DÚRÓ” nígbà tí ó yẹ kí ó ti wí pé “RÀ”. Ìyá náà kọ́kọ́ bínú sí ọmọ tí ń bá a tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó wádìí rẹ̀, Bàbá ilé ti mú méjì fún tíì, ọ̀kan wọ ilé ẹni tí ó rà á ní àwìn tí a kò kọ, méjì sì tẹ̀ níkùn tí wọ́n yọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí olè níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé pẹlẹbẹ kan ti wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mú nǹkan wọ ilé yóò kọ ọ́ sí, Bàbá pẹ̀lú. A kò ní kí wọ́n máa ka gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kì yóò ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó sú wọn. Ọjà mẹ́wàá tí ó yá jù ni wọ́n ń kà ní Sátidé. Ìyókù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Iye títà lójúmọ́ náà kì í dúró sójú kan. Nígbà tí àwọn ọmọ wọlé padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mílíìkì gòkè sí 8, ó sì di dandan kí a tún òpó D kọ kí àmì tó lè bá a gòkè. Ìyá náà ti fi ọjọ́ kìíní oṣù sí i báyìí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá láti ìgbà tí a kọ àtẹ yẹn pé. Epo kò tán rí láti ìgbà náà. Mílíìkì tán lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sán kan péré. Tòmátò ku 61. Ìyá náà ti wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí agolo náà, ó sì ti dín owó rẹ̀ kù láti àárọ̀ Mọ́ńdè.